Ìwé ìdáhùn tíṣà ní 0.55, Táíwò ní 0.58, Kẹ́hìndé ní 1.71: èwo ni ká gbà?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bá-Ilé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìṣirò yìí. SS2 làwọn ìbejì mi wà. Tíṣà fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ó sì fi ìwé ìdáhùn ránṣẹ́ sí àwa òbí pé ká bá òun máàkì í. Ìbéèrè kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe bi í nìyí: òbìrìkìtì kan wà tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 7 cm, kọ́ọ̀dù kan nínú rẹ̀ sì ṣí igun 30° ní àárín. Kí ni ẹ́ríà sẹ́gímẹ́ǹtì kékeré? Kí ìdáhùn ní fígọ̀ méjì lẹ́yìn pọ́íǹtì. Kí wọ́n lo π = 22/7.

Ìwé ìdáhùn ní 0.55 cm². Táíwò ní 0.58. Kẹ́hìndé ní 1.71. Mo wo ìwé àwọn méjèèjì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: wọ́n wá ẹ́ríà sẹ́kítọ̀, wọ́n sì yọ ti onígun mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Ta ni kí n fún ní máàkì?

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mà. Ẹ má da ara yín láàmú, ọ̀rọ̀ π ni. Àwọn kan ń lo 22/7, àwọn kan ń lo 3.14, àwọn mìíràn ń tẹ π tó wà lórí kalikulétọ̀ ní tààrà. Torí náà ni ìdáhùn ṣe máa ń yàtọ̀ díẹ̀ díẹ̀. Tíṣà lo π tirẹ̀, Táíwò lo tirẹ̀. Ẹ fún Táíwò ní máàkì. Kẹ́hìndé nìkan ló ṣìnà.

Ìyá Dára

Irú èyí ṣẹlẹ̀ sí wa pẹ̀lú ìwé ìbéèrè àtijọ́ tá a rà. Ìwé ní B, ọmọ ní D, ìdáhùn ọmọ ló sì tọ̀nà. Ó jẹ́ pé nọ́ńbà ìdáhùn ti sún sísàlẹ̀ láti ìbéèrè kan lọ. Kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn ìbéèrè kẹrin ni wọ́n kọ sí ìkẹta.

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

Ìyá Dára, ohun tí ẹ sọ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìdáhùn alábídí. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé ká kọ ìdáhùn ọmọ fún bí ìbéèrè mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwé, ká sì sún ọ̀kan nínú ìlà méjèèjì sókè tàbí sísàlẹ̀ ní ẹyọ kan. Bí wọ́n bá bá ara wọn mu lójijì láti ibì kan lọ, a ti rí ibi tí wọ́n ti fo nọ́ńbà. Àmọ́ ti Ìyá Ìbejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 0.55 sún mọ́ 0.58 jù fún un láti jẹ́ ìdáhùn ìbéèrè mìíràn.

Ọ̀rọ̀ π tí Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún sọ, ẹ jẹ́ ká dán an wò, nítorí ó ṣeé dán wò. Ẹ́ríà onígun mẹ́ta kò ní π nínú. Ìdajì 7 × 7 × sin 30° ni, 12.25 gééré sì ni, torí pé sin 30° jẹ́ ìdajì géérégé. Sẹ́kítọ̀ nìkan ló ní π, òun sì ni 30/360 × π × 49. Mo wá fi gbogbo π tí mo mọ̀ pé wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ ṣe é:

```
22/7    12.8333 - 12.25 = 0.5833
3.142   12.8298 - 12.25 = 0.5798
π       12.8282 - 12.25 = 0.5782
3.14    12.8217 - 12.25 = 0.5717
```

Ẹ rí i pé mẹ́ta nínú wọn di 0.58 nígbà tí a bá fi í sí fígọ̀ méjì. 3.14 nìkan ló bọ́ sí 0.57. Kò sí èyí tó sún mọ́ 0.55 rárá.

Ẹ tún fi ìdáhùn tíṣà rìn padà sẹ́yìn. Ká ní 0.55 ló tọ̀nà, sẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 12.80. Láti ní sẹ́kítọ̀ 12.80, π gbọ́dọ̀ jẹ́ 12.80 × 12 ÷ 49, ìyẹn 3.1347. Kò sẹ́ni tó ń lo 3.1347 fún π lágbàáyé. Nítorí náà π bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Mo gbà bẹ́ẹ̀ sà. Kí ló wá gbé 0.55 wá? Ìyàtọ̀ 0.03 péré náà ni.

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn méjì kò bá bára mu, nǹkan méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe: mo á pín ọ̀kan nípa èkejì, mo á sì tún yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Pípín ló ń tú àṣìṣe inú ìbéèrè fó. Bí ìdáhùn tíṣà bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọmọ, ẹnì kan ti ka dáyámítà sí rédíọ̀sì, torí rédíọ̀sì tó bá di ìlọ́po méjì ń sọ ẹ́ríà di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú ìbéèrè yìí, à bá rí 2.33 dípò 0.58. Bí ó bá sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀, à bá rí 0.15. Níbí, 0.55 pín sí 0.5833 fún wa ní 0.943, nọ́ńbà tí kò jọ nǹkan kan. Nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n ka nǹkan kan nínú ìbéèrè ní ìlọ́po.

Ẹ wá yọ: 0.5833 yọ 0.55 jẹ́ 0.0333. Ẹ padà sí sẹ́kítọ̀, 12.8333. Ìrù tó wà lẹ́yìn 12.8 jẹ́ 0.0333. Ó bára mu dé fígọ̀ tó gbẹ̀yìn. Tíṣà gé 12.8333 kúrú sí 12.8 kí ó tó yọ 12.25 kúrò. Ibẹ̀ ni 0.55 ti wá.

Àdúkẹ́ Tíṣà, Àlàgbàká

Alàgbà, ẹ ṣé sà. Èmi náà ń kọ́ ìṣirò, mo sì fẹ́ gbèjà oníṣẹ́ ẹgbẹ́ mi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ pé kí á máa kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí sìgìnífíkáǹtì fígọ̀ mẹ́ta. 12.8333 ní sìgìnífíkáǹtì fígọ̀ mẹ́ta, 12.8 ni. Ó tẹ̀lé òfin tí wọ́n kọ́ ọ ni. Ṣé àṣìṣe nìyẹn?

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé òfin yẹn dé òpin. 12.25 náà ní láti di sìgìnífíkáǹtì fígọ̀ mẹ́ta, ìyẹn 12.3. Lẹ́yìn náà, 12.8 yọ 12.3 jẹ́ 0.5. Ìwé ìdáhùn kò ní 0.5, 0.55 ló ní. Nọ́ńbà kan ni wọ́n gé, wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Òfin náà kò dúró lábẹ́ ìdáhùn yìí.

Ẹ sì wo ohun tí ìbéèrè béèrè: fígọ̀ méjì lẹ́yìn pọ́íǹtì. Ẹni tó gé sẹ́kítọ̀ sí fígọ̀ kan lẹ́yìn pọ́íǹtì kò lè mọ fígọ̀ kejì ìdáhùn mọ́. Ó ti jù ú nù ní ìlà àkọ́kọ́.

Ìdí tí ó fi ń dunni ju bó ṣe yẹ lọ nìyí. Gígé 12.8333 sí 12.8 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́kítọ̀ náà, kò jọ nǹkan kan lójú. Ṣùgbọ́n a fẹ́ yọ 12.25 kúrò, ohun tó ṣẹ́kù kò sì tó 0.6. Gbogbo ẹ̀bi tó wà lára nọ́ńbà ńlá ló bọ́ sórí nọ́ńbà kékeré tó ṣẹ́kù, ó sì di nǹkan bí ìdá 6 nínú 100. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n dírẹ́bà, tó wá wọn ọkọ̀ kòkó pẹ̀lú dírẹ́bà nínú, tó tún wọ̀n ọ́n láìsí dírẹ́bà, kò gbọ́dọ̀ fi ojú di kílò márùn-ún márùn-ún lórí ọkọ̀ náà.

Bí ó bá jẹ́ àròpọ̀ ni, kì bá tí dunni bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n béèrè gígùn etí sẹ́gímẹ́ǹtì náà yíká: ìlà tó tẹ̀ jẹ́ 3.667, kọ́ọ̀dù jẹ́ 3.623, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.29. Ẹni tó gé wọn sí 3.7 àti 3.6 á rí 7.3, kò jìnnà. Ibi tí nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bá ti ń yọ ara wọn ni ká ti la ojú.

Bàbá Oníwèé, Ọjà Ọba

Èmi ò gbà pé ká kàn máa jà lórí nọ́ńbà. Kí wọ́n yà á. Kí wọ́n mú páádì gíráàfù àti kọ́ńpáàsì, kí wọ́n ya òbìrìkìtì 7 cm, kí wọ́n fi pùròtírátọ̀ wọn 30°, kí wọ́n ka àwọn kótópó tó wà láàárín kọ́ọ̀dù àti etí òbìrìkìtì. Ojú á rí i.

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

Bàbá, ìmọ̀ràn yín dára fún ìdáhùn Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ láàárín 0.55 àti 0.58. Kótópó kékeré lórí páádì gíráàfù tí àwọn ọmọ ń lò jẹ́ mìlímítà 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ́ríà rẹ̀ sì jẹ́ 0.04 cm². 0.58 jẹ́ kótópó mẹ́rìnlá àti ààbọ̀, 0.55 jẹ́ bíi mẹ́tàlá àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyàtọ̀ wọn kò tó kótópó kan. Sẹ́gímẹ́ǹtì yìí sì tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an: níbi tó ga jù, kò ju mìlímítà 2.4 lọ, ojú pẹ́ńsù nìkan lè gba ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ 0.58 á ka 0.58, ẹni tó bá fẹ́ 0.55 á ka 0.55.

Àmọ́ 1.71 jẹ́ kótópó mẹ́tàlélógójì. Ẹni tó bá yà á á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò lè gbà wọlé.

Ohun tí mo máa ń lò dípò yíyà ni onígun mẹ́rin gbọọrọ tí a fi bo sẹ́gímẹ́ǹtì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kọ́ọ̀dù, gíga rẹ̀ ni ibi tí sẹ́gímẹ́ǹtì ga jù. Ọ̀nà yìí kò mọ sẹ́kítọ̀, kò mọ π, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: ẹlẹ́rìí tí kò bá àwọn méjèèjì sùn ní ilé kan náà ni. Ẹ ó lo ìdajì igun náà, ìyẹn 15°. Nínú ìwé tábìlì, sin 15° jẹ́ 0.2588, cos 15° jẹ́ 0.9659.

```
kọ́ọ̀dù     2 × 7 × 0.2588 = 3.6232
gíga      7 - 7 × 0.9659 = 0.2387
ìlọ́po     3.6232 × 0.2387 = 0.8649
```

Onígun mẹ́rin náà jẹ́ 0.86. Sẹ́gímẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀, kò lè tóbi jù ú lọ. 1.71 ti jáde. Gbogbo sẹ́gímẹ́ǹtì tí kò bá ti ju ìdajì òbìrìkìtì lọ ló sì máa ń ju ìdá méjì nínú mẹ́ta onígun mẹ́rin rẹ̀ lọ. Bí igun bá kéré, díẹ̀ báyìí ló fi máa ń ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, bí igun bá ti ń tóbi ló ń gòkè títí dé nǹkan bí 0.785 níbi ìdajì òbìrìkìtì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 0.8649 jẹ́ 0.577. Ìdáhùn tòótọ́ gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀. 0.58 wọlé. 0.55 kò wọlé, ó kéré jù.

Ẹ kíyè sí i pé yíyọ wà nínú gíga náà o, 7 yọ 6.7613. Ẹ má gé 6.7613 sí 6.8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gíga á di 0.2, ẹlẹ́rìí yín náà á sì purọ́.

Àdúkẹ́ Tíṣà, Àlàgbàká

Ti ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn dára púpọ̀, mi ò tíì lò ó rí. Mo gbà pé 0.58 ló tọ̀nà. Mo kàn fẹ́ kí Ìyá Ìbejì mọ̀ pé nínú ètò máàkì ìdánwò àgbà, máàkì ọ̀nà wà lọ́tọ̀, máàkì ìdáhùn tó péye wà lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ sẹ́kítọ̀ yọ onígun mẹ́ta, tó fi nọ́ńbà tó yẹ sínú rẹ̀, ti gba máàkì ọ̀nà kí á tó dé ìlà ìkẹyìn. Nítorí náà Kẹ́hìndé náà ní nǹkan láti gbà, bí ìlà rẹ̀ bá hàn. Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kọ fún onígun mẹ́ta?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bá-Ilé

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Kẹ́hìndé kọ 12.83 fún sẹ́kítọ̀, ó kọ 11.12 fún onígun mẹ́ta. Ó ní bí kalikulétọ̀ ṣe sọ nìyẹn, òun ò fọwọ́ kàn án.

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

Òótọ́ ló sọ. Ẹ ní kí ó wo òkè ojú kalikulétọ̀ náà, lẹ́tà kékeré kan wà níbẹ̀: `D`, `R` tàbí `G`. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé `G` ló wà níbẹ̀. Nínú `G`, igun ọ̀tún kan pín sí 100 dípò 90, torí náà 30 tó tẹ̀ jẹ́ 27° lójú kalikulétọ̀. sin 27° jẹ́ 0.4540, ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú 24.5 sì jẹ́ 11.12.

`G` ló burú jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí ó ń parọ́ tó jọ òótọ́. `R` kì í fara pamọ́: onígun mẹ́ta á di yíyọ 24.21, sẹ́gímẹ́ǹtì á wá di 37, nígbà tí sẹ́kítọ̀ tí sẹ́gímẹ́ǹtì náà wà nínú rẹ̀ kò tó 13. Ọmọ tó bá ronú á mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n 1.71 jọ ìdáhùn gidi. Kí ó tẹ `sin 30` kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá rí 0.5, kí ó kọ́kọ́ tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bá-Ilé

`G` ni lóòótọ́! A ti yí i sí `D`, ó sì rí 0.58 báyìí. Ẹ̀gbọ́n wọn ló yá kalikulétọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ má bínú, ìbéèrè karùn-ún náà tún wà. Rédíọ̀sì jẹ́ 14 cm, igun jẹ́ 60°, sẹ́gímẹ́ǹtì kékeré náà ni, 22/7 náà ni wọ́n ní kí wọ́n lò, fígọ̀ méjì. Àwọn méjèèjì ní 17.80 báyìí. Ìwé ìdáhùn ní 17.75. Ṣé gígé náà nìyẹn?

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Onígun mẹ́ta jẹ́ 84.87. Pẹ̀lú 22/7, sẹ́kítọ̀ jẹ́ 102.67, ìdáhùn jẹ́ 17.80. Pẹ̀lú π orí kalikulétọ̀, sẹ́kítọ̀ jẹ́ 102.6254, ìdáhùn jẹ́ 17.75. Mo tún dán gígé wò: 102.7 yọ 84.87 jẹ́ 17.83, kò bá ti tíṣà mu. Ó jẹ́ π níbí yìí, Alàgbà.

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

O káre. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìwé kan náà, ẹ̀bi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbé ìdí ìbéèrè kan lé òmíràn lórí. Ẹ fi ìdáhùn rìn padà sẹ́yìn nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Níbí, 17.75 fi 84.87 kún ara rẹ̀ di 102.62, ìlọ́po 6 pín sí 196 jẹ́ 3.1414, èyí tó wà ní bèbè π gidi. Ti ìṣáájú kò sí ní bèbè nǹkan kan.

Onígun mẹ́rin mi kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Kọ́ọ̀dù jẹ́ 14, gíga jẹ́ 1.876, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìlọ́po wọn jẹ́ 17.51. Ìdáhùn méjèèjì ju ìyẹn lọ, ó gba àwọn méjèèjì wọlé. Ó lè lé ìdáhùn tó jìnnà jáde, kò lè dá ẹjọ́ lórí fígọ̀ kejì lẹ́yìn pọ́íǹtì.

Àdúkẹ́ Tíṣà, Àlàgbàká

Ibi tí mo ti máa bá yín jiyàn díẹ̀ nìyí. Èwo ló tọ̀nà nínú 17.80 àti 17.75? Bí a bá wọn sẹ́gímẹ́ǹtì yẹn gan-an, 17.75 ni. 22/7 ti tóbi ju π lọ díẹ̀, yíyọ sì ti sọ díẹ̀ náà di ńlá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé. Tíṣà sún mọ́ òtítọ́ ju àwọn ọmọ lọ.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ní kí wọ́n lo 22/7, Àǹtí. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé ohun tí ìbéèrè sọ kò gbọ́dọ̀ pàdánù máàkì.

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

Fún máàkì, mo wà pẹ̀lú Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún: àṣẹ inú ìbéèrè ló lé jù, 17.80 ni kí wọ́n fún ní máàkì kíkún. Àmọ́ ohun tí Àǹtí sọ pé 22/7 kò tó fún fígọ̀ méjì nínú irú ìbéèrè yìí, mi ò lè jiyàn rẹ̀. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ béèrè ohun tí 22/7 kò lè fún un. Bóyá kí wọ́n kọ ọ́ sí sìgìnífíkáǹtì fígọ̀ mẹ́ta ló yẹ, 17.8, àwọn méjèèjì ì bá sì pàdé níbẹ̀.

Àdúkẹ́ Tíṣà, Àlàgbàká

17.75487 sí 17.8, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á pàdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ 17.75 sílẹ̀, tó wá tún un gé, ṣé 17.7 ni àbí 17.8 ló máa kọ? Mo ti rí àwọn ọmọ tó kọ 17.7. Mi ò tíì gbà pé ó parí síbẹ̀.

Bàbá Oníwèé, Ọjà Ọba

Èmi á sọ pé kí ọmọ kọ ohun tí tíṣà rẹ̀ fẹ́ nínú tẹ́ẹ̀sì, kí ó kọ èyí tó tọ̀nà ní WAEC.

Alàgbà Ìṣirò, Ìjàpọ̀

Mi ò ní gba ọmọ kankan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọmọ tó bá kọ́ láti gé 12.8333 sí 12.8 nínú tẹ́ẹ̀sì á gé e ní WAEC náà, ọwọ́ kì í mọ ìyàtọ̀ ilé ìdánwò.

Ìyá Ìbejì, ẹ má kọ̀wé gígùn sí tíṣà. Ẹ má kọ "ìdáhùn yín kò tọ̀nà". Ẹ fi ìlà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wò hàn wọ́n, báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ sà. Ní ìbéèrè 3, a rí sẹ́kítọ̀ 12.8333 àti onígun mẹ́ta 12.25, ó kù 0.5833. Bí a bá kọ sẹ́kítọ̀ sí 12.8 kí a tó yọ, a rí 0.55 tiyín. Ní ìbéèrè 5, 22/7 fún wa ní 17.80, π orí kalikulétọ̀ fún wa ní 17.75. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ká lò?" Tíṣà á rí ibi tí a ti yà kúrò lọ́nà láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bá-Ilé

Obìnrin ni tíṣà wọn, màá yí "sà" sí "mà". Mo ti ń kọ ọ́ lọ báyìí. Ti ìkẹta, mo ti fún Táíwò ní máàkì kíkún, mo sì fún Kẹ́hìndé ní ti ọ̀nà. Ti ìkarùn-ún, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ títí tí wọ́n á fi dá mi lóhùn.

Ìyá Dára

Bí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e síbí. Dára náà ní irú ìbéèrè karùn-ún yẹn, 22/7 náà ni wọ́n ní kí ó lò, ìwé tiwọn sì ní 17.83.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

17.83 ní tirẹ̀, 102.7 ni wọ́n lò mà. Ẹ wo ìlà sẹ́kítọ̀ wọn.